Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, àbí ọdún kan? Ẹsẹ 240 nínú Súrátùl-Bákárà

Aláńkárá Ìdúmọ̀tà

Àsàláàmù àlékùm o. Ọkọ mi kú ní ọjọ́ 5 oṣù Rájábù. Mo ti ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá pé, mo sì fẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ṣí Kùránì onítumọ̀ Yorùbá fún mi. Nínú Súrátùl-Bákárà, ẹsẹ 234 sọ oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, ẹsẹ 240 sọ ọdún kan. Wọ́n ní èyí tó bá gbẹ̀yìn ló ń pa ti ìṣáájú rẹ́, pé 240 ló gbẹ̀yìn, kí n jókòó títí ọdún á fi yí po. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Wáídì Agége

Ẹ kú ìrójú o, Àǹtí. Ọlọ́hun á fọ̀run kẹ́ ẹni tó lọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Òótọ́ ni pé bí ẹsẹ méjì bá ní ìdájọ́ tí kò bára mu, èyí tó sọ̀ kalẹ̀ gbẹ̀yìn ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n èyí tó sọ̀ kalẹ̀ gbẹ̀yìn kọ́ ni èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn. Ẹsẹ márùn-ún tó kọ́kọ́ dé bá Ànábì nínú ihò Híráì, inú Súrátù Àlákì ló wà, súrà 96 sì ni lónìí, apá ìparí ìwé pátápátá. Súrátùl-Bákárà tó jẹ́ ìkejì, ìgbà tí Ànábì ti ṣí lọ sí Mẹ̀dínà ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀.

Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ wo orí súrà kọ̀ọ̀kan nínú Kùránì. Wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ti Mẹ́kà ni àbí ti Mẹ̀dínà, àwọn mìíràn tún máa ń sọ súrà tó ṣáájú rẹ̀ nínú ìsọ̀kalẹ̀. Ẹ fi ìyẹn wo èyí tó kẹ́yìn nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ ti parí.

Jagun Èbúté Mẹ́ta

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ wa láti ìsàlẹ̀ ní ilé kéwú! Fátíhà, ká wá bọ́ sí Kúlí Àúsù Náásì, ká máa gòkè bọ̀. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ la ń tẹ̀ lé. Ààfáà tó nà mí nítorí Súrátù Múlúkì, mo ti dárí jì í lónìí.

Olùkọ́ Ṣómólú

Jagun, má tíì dárí jì í. Nítorí pé àwọn súrà ìsàlẹ̀ kúrú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, kí ọmọdé lè tètè há wọn, kí ó sì rí ohun tí yóò fi kírun. Kò sí ètò ìsọ̀kalẹ̀ nínú ìyẹn. Súrátù Násúrì, ìyẹn 110, wà láàárín àwọn kéékèèké yẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á mọ́ àwọn súrà tó sọ̀ gbẹ̀yìn pátápátá.

Wáídì, o ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ibi tí o sọ pé ó rọrùn yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ẹsẹ 234 àti 240, inú súrà kan náà ni wọ́n wà. Orí súrà tí o ní kí Àǹtí wò, ẹyọ kan ló jẹ́ fún àwọn méjèèjì. Kí ni yóò wá sọ fún wọn?

Mo ní Kùránì tó tẹ̀ lé ti Káírò ọdún 1924 lọ́wọ́, òun ló sọ irú àkọlé bẹ́ẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Nínú ètò tiẹ̀, Bákárà ni ìkẹtàdínláàádọ́rùn-ún, 87, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ti Mẹ̀dínà. Ní orí rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ti Mẹ̀dínà ni, àyàfi ẹsẹ 281 tó sọ̀ ní Mínà nígbà Hájì Ìdágbére. Ẹ wò ó dáadáa: súrà tó bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ Mẹ̀dínà, ẹsẹ kan nínú rẹ̀ sọ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí Ànábì fi ayé sílẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ló wà láàárín. Nọ́ńbà 87 yẹn, ọjọ́ tí súrà bẹ̀rẹ̀ ló ń sọ. Kò sọ ọjọ́ tí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan dé. Nípa 234 àti 240, orí súrà yẹn dákẹ́ ni.

Ẹnu àwọn sàhábà la ti mọ èyí tó ṣáájú. Mo ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí n kírun ìrọ̀lẹ́.

Ìyá Ráfíù Múṣin

Ẹ jọ̀ọ́, kí Olùkọ́ tó dé, ẹ bá mi dá sí tèmi náà. Ọkọ ọmọ mi obìnrin kú, oyún oṣù mẹ́jọ wà nínú ọmọ náà. Ó bímọ lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Ẹbí ọkọ ní ó gbọ́dọ̀ ṣe oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá pé nítorí Bákárà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ààfáà kan ní Olóṣà ní opó rẹ̀ parí lọ́jọ́ tó bímọ. Àwọn ẹbí wá ń sọ pé mo ra ààfáà ni. Èmi tí mi ò rówó ra gaàrí!

Olùkọ́ Ṣómólú

Mo ti dé. Ti Aláńkárá ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn, Ìyá Ráfíù, ẹ fara balẹ̀, tiyín ń bọ̀.

Nígbà tí wọ́n ń kọ Kùránì pọ̀ sí ojú kan lábẹ́ Sàyídínà Ùsímáànù, Abdulláhì ọmọ Súbáírì wà lára àwọn tí wọ́n yàn sí iṣẹ́ náà. Ó dé ẹsẹ 240, ó sì bi Ùsímáànù pé: ẹsẹ yìí, ẹsẹ kejì ti pa ìdájọ́ rẹ̀ rẹ́, kí ló dé tí ẹ fi ń kọ ọ́? Ùsímáànù dá a lóhùn pé: ọmọ arákùnrin mi, mi ò ní yí ohunkóhun nínú rẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Inú hádíìsì Bùkáárì ni ọ̀rọ̀ yìí wà, níbi tó ti ń ṣàlàyé Súrátùl-Bákárà.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìdáhùn yẹn. Ùsímáànù kò bá a jiyàn pé ẹsẹ náà kì í ṣe èyí tí wọ́n pa rẹ́. Kò sì ní kí wọ́n gbé 234 sẹ́yìn 240 kí ó lè bá ìtàn mu. Ó ní àyè tí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan wà ti wà bẹ́ẹ̀ kí òun tó dé ibẹ̀. Bí ẹsẹ bá sọ̀, Ànábì ló máa ń sọ fún àwọn akọ̀wé rẹ̀ pé kí wọ́n fi sínú súrà tí a ti sọ̀rọ̀ nǹkan báyìí. Nítorí náà, ẹsẹ tó dé lónìí lè jókòó síwájú ẹsẹ tó dé lọ́dún tó kọjá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí 234 nìyẹn. Ó kéré lọ́jọ́ orí ju 240 lọ, ṣùgbọ́n òun ló jókòó síwájú. Bí a bá fi ojú ìwé nìkan wò ó, àbúrò á di ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀rí kejì: Ùmù Sálámà, ìyàwó Ànábì, sọ pé obìnrin kan wá bá Ànábì pé ọkọ ọmọ òun kú, ojú ń dun ọmọ náà, ṣé kí òun lé tìróò fún un? Ànábì ní rárá, ó wá ní: oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá péré ni, bẹ́ẹ̀ nígbà àìmọ̀kan, ìparí ọdún ni obìnrin nínú yín tó ń ju ìgbẹ́ ẹran. Wọ́n ṣàlàyé pé láyé ìgbà náà, opó á wọ inú ahéré kóńkóló kan, á wọ aṣọ tó burú jù, kò ní fọwọ́ kan lọ́fínńdà títí ọdún á fi pé, ìgbẹ́ ẹran tó bá jù ló fi máa ń jáde. Ẹ gbọ́ "péré" tó wà nínú ọ̀rọ̀ Ànábì. Ọdún kan ni ti àtijọ́, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni tuntun. Ẹni tó bá ní ọdún kan ló gbẹ̀yìn ti fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ṣe iwájú.

Aláńkárá, láti ọjọ́ 5 Rájábù, oṣù mẹ́rin pé ní ọjọ́ 5 Súlìkìdà, ẹ fi ọjọ́ mẹ́wàá lé e, ọjọ́ 15 Súlìkìdà ni. Oṣù ojú ọ̀run ni a fi ń kà á, kì í ṣe kàlẹ́ńdà tí báńkì ń pín. Bí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá, opó yín ti parí. Kódà kí ó tó parí, màsíhábù Máálíkì tí a ń tẹ̀ lé nílẹ̀ yìí gbà kí opó jáde lọ́sàn-án fún ohun tó bá nílò, kí ó ṣáà ti padà sùn sílé.

Bọ́sún Obaléndé

Ọmọ sọ́ọ̀ṣì ni mí o, ìyàwó mi ni Mùsùlùmí, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé wọ́n ti pa ẹsẹ kan rẹ́, kí ló dé tí ẹ ò yọ ọ́? Ṣé ẹ ò rí i pé òun ló kó wàhálà bá obìnrin yìí?

Olùkọ́ Ṣómólú

Ọ̀gbẹ́ni Bọ́sún, ohun tí ọmọ Súbáírì bi Ùsímáànù gan-an lẹ bi mí yẹn, ẹ ti wọ ẹgbẹ́ àwọn èèyàn ńlá. Ohun tí wọ́n ní wọ́n pa rẹ́ ni ìdájọ́ tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun, a ń kà á nínú ìrun, a ń gba láádá lórí rẹ̀. Èyí kejì ni pé kò sí ẹni tí wọ́n fún láṣẹ láti máa yọ. Bí ẹnì kan bá lè yọ èyí tó ní wọ́n ti pa rẹ́, ẹlòmíràn á yọ èyí tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àti pé gbogbo èèyàn kọ́ ló gbà pé wọ́n pa 240 rẹ́ pátápátá.

Ìyá Ráfíù, ó kàn yín. Súrátù Tálákì, ìyẹn 65, ẹsẹ 4, sọ pé àwọn aboyún, ìgbà tí wọ́n bá sọ ẹrù wọn kalẹ̀ ni àkókò wọn pé. Ó wá di pé Bákárà 234 sọ oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá fún gbogbo opó, Tálákì sọ ìbímọ fún gbogbo aboyún, ọmọ yín sì jẹ́ méjèèjì. Abdulláhì ọmọ Másúúdù ni wọ́n gbé irú rẹ̀ lọ bá nígbà kan. Ó bínú, ó ní: ṣé ìnira nìkan lẹ fẹ́ gbé lé e lórí tí ẹ ò ní fún un ní ìrọ̀rùn? Ó ní Súrátù Nísáì kúkúrú sọ̀ lẹ́yìn èyí tó gùn. Tálákì ló ń pè ní Nísáì kúkúrú nítorí pé ọ̀rọ̀ obìnrin ló pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó gùn sì ni Bákárà. Ètò ìsọ̀kalẹ̀ ni ó fi dájọ́ tààrà.

Ó sì ṣẹlẹ̀ lójú Ànábì fúnra rẹ̀. Sùbáíà, ọkọ rẹ̀ Sáàdì ọmọ Káólà kú nígbà Hájì Ìdágbére, kò pẹ́ tó fi bímọ. Ó tún ara ṣe, ẹnì kan wá sọ fún un pé kò lè fẹ́ ọkọ títí oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá á fi pé. Ó gba ọ̀dọ̀ Ànábì lọ, Ànábì ní ó ti tú sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bímọ. Ààfáà Olóṣà kò gba owó yín.

Mi ò ní fi í pa mọ́ pé Sàyídínà Álíyù àti ọmọ Àbáásì sọ pé kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣe èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni àwọn ẹbí yẹn ti gbọ́ tiwọn, wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Sùbáíà ni àwọn màsíhábù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé dúró.

Wáídì Agége

Olùkọ́, ẹ jẹ́ kí n gba tèmi padà díẹ̀. Bákárà 87, Tálákì 99 nínú ètò Káírò. Ní ti Ìyá Ráfíù, orí súrà ṣiṣẹ́!

Olùkọ́ Ṣómólú

Ó ṣiṣẹ́, nítorí pé súrà méjì ni, àti pé ọ̀rọ̀ ọmọ Másúúdù wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíyè sí i: 2 ṣáájú 65 nínú ìwé náà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Aláńkárá tó ń fi ojú ìwé kà á ì bá dé ibi kan náà. Ìdí tí irú ìkàwé yẹn fi ń tan èèyàn nìyẹn. Ó máa ń bọ́ sí i nígbà mìíràn.

Ààfáà Fàdéyí

Àsàláàmù àlékùm wáráhámátúláì. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀. Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sáré kọjá 240. Ẹ ti gbà pé òkú ẹsẹ ni, ẹ wá ń fi ìtàn sin ín. Ẹ jẹ́ ká ka ohun tó wà níbẹ̀ ná.

Nínú 234, àwọn obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà gbé iṣẹ́ fún: àwọn ni yóò dá ara wọn dúró fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Nínú 240, ta ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún? Àwọn ọkọ tó ń kú lọ ni. Kí wọ́n fi àsọtẹ́lẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nípa dúkìá wọn, sílẹ̀ fún ìyàwó wọn, kí ó rí ohun ìgbádùn títí di ọdún kan, kí ẹnikẹ́ni má lé e jáde. Lẹ́yìn náà ló ní: bí àwọn fúnra wọn bá jáde, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn yín nínú ohun tí wọ́n bá ṣe fún ara wọn ní ọ̀nà tó dára. Ẹsẹ tó sọ pé obìnrin lè jáde nígbà tó bá wù ú, ṣé òun la máa fi ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin?

Mùjáhídì, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Àbáásì, kò gbà pé wọ́n pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà wà nínú Bùkáárì, nítòsí ọ̀rọ̀ ọmọ Súbáírì tí Olùkọ́ mú wá. Ó ní oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni dandan, Ọlọ́hun wá fi oṣù méje àti ogún ọjọ́ kún un kí ó pé ọdún, èyí tó jẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ọkọ. Bí obìnrin bá fẹ́, á jókòó nínú ilé jẹ ẹ́. Bí kò bá fẹ́, á jáde. Ẹ ro ó pọ̀: oṣù mẹ́rin àti méje jẹ́ mọ́kànlá, ọjọ́ mẹ́wàá àti ogún jẹ́ ọgbọ̀n. Ọdún kan géérégé.

Ẹ tún wo aládùúgbò rẹ̀. Ẹsẹ 241 tó tẹ̀ lé e ń sọ pé kí wọ́n fún obìnrin tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀ ní ohun ìgbádùn. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà, "mátáù", ló wà nínú 240 àti 241. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ obìnrin ni 240 àti 241 jọ ń sọ. Ètò inú ìwé náà ní ohun tó ń kọ́ni, kì í ṣe ìsọ̀kalẹ̀ nìkan.

Olùkọ́ Ṣómólú

Ààfáà, mo gbà pé mo sáré. Ohun tí ẹ sọ nípa ẹni tí ọ̀rọ̀ náà gbé iṣẹ́ fún, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró dáadáa, àǹfààní rẹ̀ sì ju tèmi lọ fún Àǹtí. Ṣùgbọ́n èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò sí lọ́dọ̀ Mùjáhídì. Àsọtẹ́lẹ̀ fún ìyàwó wà kí ogún tó dé. Nígbà tí Nísáì ẹsẹ 12 sọ̀, ìyàwó gba ìdá mẹ́rin bí ọkọ kò bá lọ́mọ, ìdá mẹ́jọ bó bá lọ́mọ. Ẹsẹ ogún wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin Sáàdì ọmọ Rábíù tó kú lójú ogun Úhúdù ní ọdún kẹta Híjírà ni wọ́n so wọ́n mọ́. Lẹ́yìn náà Ànábì ní kò sí àsọtẹ́lẹ̀ fún ẹni tó ń jogún. Ní ojú tiwọn, ibẹ̀ ni owó ìtọ́jú ọdún kan ti di ìdá mẹ́jọ.

Aláńkárá Ìdúmọ̀tà

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo fi ọ̀rọ̀ Ùsímáànù han ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lórí fóònù lálẹ́ àná. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kò burú, pé bó bá jẹ́ pé wọ́n ti pa ẹsẹ ọdún kan rẹ́ lóòótọ́, a jẹ́ pé opó mi ti tán, kí n kó ẹrù mi nínú yàrá náà ní ìparí oṣù nítorí ilé ẹbí ni. Ìsàlẹ̀ Èkó níbí ni, ilé bàbá bàbá ọkọ mi. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní níbẹ̀.

Kí ni mo wá ṣe yìí? Ṣé èmi ni mo fi ẹnu ara mi lé ara mi jáde?

Jagun Èbúté Mẹ́ta

Ha! Ẹni tó fi 240 so yín mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ló tún ń fi 240 lé yín lálẹ́. Bàbá yẹn kò nílò Kùránì, yàrá ló nílò.

Ààfáà Fàdéyí

Ẹ rí ohun tí mo ń sọ. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Mùjáhídì la tẹ̀ lé, ẹ ṣì ní oṣù méje àti ogún ọjọ́ nínú ilé, kò sì sẹ́ni tó lè lé yín. Ẹ lè fi èyí sí iwájú wọn.

Olùkọ́ Ṣómólú

Àǹtí, ẹ̀yin kọ́. Ẹ jẹ́ kí n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, nítorí wọ́n ti dà wọ́n pọ̀ mọ́ yín lójú.

Opó yín tó parí, ti ara yín nìyẹn: ẹ lè jáde, ẹ lè ṣọ̀ṣọ́, ẹ lè fẹ́ ọkọ. Ọ̀rọ̀ yàrá, ti ogún àti ti àwọn ọmọ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni Ààfáà, ibi tí mo ti ń bẹ̀rù fún Àǹtí ni pé ohun tí Mùjáhídì sọ, orí àsọtẹ́lẹ̀ ọkọ ló dúró lé. Ọkọ lè fi ohun tó jẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ilé ẹbí kì í ṣe ti ọkọ nìkan. Ímáàmù Máálíkì pàápàá, níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ ilé gbígbé opó, bí ilé bá jẹ́ ti ọkọ tàbí tó bá ti san owó rẹ̀ sílẹ̀ ló ti fún un. Bí a bá gbé Mùjáhídì lọ síwájú ẹbí yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi wá nìyẹn.

Àmọ́ ẹ̀rí kan wà tí mo rò pé ó wúwo. Obìnrin sàhábà kan wà, Fúráyíà, àwọn ẹrú tó sá lọ ni wọ́n pa ọkọ rẹ̀ nígbà tó lépa wọn. Ó lọ bá Ànábì pé ọkọ òun kò fi ilé tó jẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì fi owó oúnjẹ sílẹ̀, ṣé kí òun padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí òun? Ànábì kọ́kọ́ gbà, ó wá pè é padà, ó ní kí ó jókòó nínú ilé rẹ̀ títí àkókò tí a kọ á fi pé. Ó jókòó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá níbẹ̀. Ùsímáànù tí a ń sọ yìí náà ló ránṣẹ́ bi í nígbà tó yá, ó sì fi ìdáhùn rẹ̀ dájọ́. Ẹ rí i pé ilé tí kì í ṣe ti ọkọ kò ní kí wọ́n tú opó síta nígbà tó ń ṣe opó. Ohun tí kò sọ ni ti lẹ́yìn rẹ̀.

Ti lẹ́yìn rẹ̀ yìí, ẹ fi ẹsẹ 240 sílẹ̀, ẹ lọ sí Nísáì. Ìdá mẹ́jọ nínú ohun tó jẹ́ ti ọkọ yín jẹ́ tiyín, àwọn ọmọ mẹ́ta ni yóò sì jogún bàbá wọn. Ìpín tí ọkọ yín ní nínú ilé ẹbí náà, àwọn ọmọ ní ẹ̀tọ́ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá lé yín, ṣé wọ́n lè lé àwọn ọmọ? Ìbéèrè tí ẹ máa bi wọ́n nìyẹn, kì í ṣe ti ọdún kan.

Ààfáà Fàdéyí

Olùkọ́, mi ò tíì gbà pé wọ́n pa 240 rẹ́. Ọ̀rọ̀ Fúráyíà tí ẹ mú wá, ẹnikẹ́ni kò bi í bóyá ó fẹ́ jókòó lẹ́yìn oṣù mẹ́rin náà. Bí kò bá bèèrè, a kò lè fi àìbéèrè rẹ̀ pa ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn rẹ́.

Olùkọ́ Ṣómólú

Mo gbà pé a kò lè fi í pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ Súbáírì ni mo fi pa á rẹ́, ẹ̀yin sì ní Mùjáhídì. Ojú méjèèjì ti wà tipẹ́, èmi àti ẹ̀yin kọ́ la máa parí rẹ̀.

Bọ́sún Obaléndé

Ìyàwó mi ní kí n bá òun bèèrè: ẹ̀yin tí ẹ ń ka Kùránì onítumọ̀ nílé, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ tí ẹ bá dé irú ibi báyìí?

Olùkọ́ Ṣómólú

Ẹ sọ fún un pé bó bá dé ẹsẹ tó pa àṣẹ, tó sì rántí pé òun ti ka òmíràn lórí ọ̀rọ̀ kan náà, kí ó dúró níbẹ̀. Kí ó wo àlàyé tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé bó bá wà, bí kò bá sí, kí ó bi ẹni tó ka táfúsíírì. Bí ó bá rí i pé ẹsẹ méjèèjì wà nínú súrà kan, kí ó má fi èyí tó wà níwájú tàbí lẹ́yìn ṣe ẹ̀rí rárá. Kí ó sì wo ẹni tí ẹsẹ náà ń bá sọ̀rọ̀, bí Ààfáà Fàdéyí ti ṣe. Òun nìkan ti tó láti fi mọ̀ pé 240 kò pàṣẹ fún opó pé kó jókòó ọdún kan.

Ìyá Ráfíù Múṣin

Mo ti fi ti Sùbáíà ránṣẹ́ sí wọn lórí wàsáàpù. Wọ́n ti kà á. Wọn ò tíì fèsì.

Aláńkárá Ìdúmọ̀tà

Ìpàdé ẹbí di lẹ́yìn Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ààfáà àdúgbò máa wà níbẹ̀, bàbá tó dàgbà jù nínú ẹbí náà máa wà níbẹ̀. Mo ti kọ ohun mẹ́ta sínú ìwé: ọ̀rọ̀ Ùsímáànù, ìdá mẹ́jọ, àti ìpín àwọn ọmọ. Ti Mùjáhídì, mo kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé náà, bí wọ́n bá le mọ́ mi ni mo máa yí i padà.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ yìí. Eruku ti bo gbogbo àńkárá.